Bí a ṣe ń dá oníbàárà tó ń kánjú lóhùn: owó ìkánjú àti ọjọ́ tí àdìrẹ lè kúrò l'Óṣogbo

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ìyá kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù láti Ìbàdàn. Ogún ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń fẹ́, àwòrán Ìbàdàndùn sì ni kí n fi ṣe é. "Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ kó tẹ̀ mí lọ́wọ́ o, ọmọ mi, má dójú tì mí." Iṣẹ́ tí mo máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́fà.

Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé bí a ṣe ń dáhùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ṣe àdìrẹ ló mọ aró dáadáa, àmọ́ tí oníbàárà bá ti ń kánjú, ẹnu wa a máa ṣìṣe. Àwọn kan á ní "kò sí wàhálà, ẹ ó rí i," wọn á wá máa sá fún ìpè nígbà tó bá di ọjọ́ Ajé. Àwọn mìíràn á kàn fi ìdajì owó lé e, wọn ò sì ní lè sọ ohun tí ìdajì náà wà fún. Iye owó tí mo máa dá níbí, ti iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí ni; bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ ni kí ẹ mú, ẹ fi iye tó wà ní ọjà yín sí i.

Kọ́kọ́ béèrè, kí o tó ṣírò

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì sọ pé rárá. Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ kú alẹ́ o, Màmá. Mo ti gbọ́ ohùn yín, ẹ ṣeun tí ẹ rántí wa. Ẹ jẹ́ kí n wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Kí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la tó lù, màá sọ ọjọ́ àti iye owó fún yín. Kí n lè ṣírò rẹ̀ dáadáa, ẹ jọ̀wọ́: ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n máa wọ aṣọ yìí? Ṣé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ró mọ́dìí, àbí àwọn kan máa rán an? Ṣé Ìbàdàndùn nìkan ni ẹ fẹ́, àbí àwòrán mìíràn lè ṣe é? Ṣé ẹlú ni kí n fi pa á láró ni, àbí aró ìgbàlódé?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ọjọ́ tí oníbàárà dá fún ọ kì í sábà jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n nílò aṣọ. Wọ́n ti pàdé alájọṣe tó já wọn kulẹ̀ rí, nítorí náà wọ́n á ti yọ ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin sílẹ̀ kí wọ́n tó bá ọ sọ̀rọ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Àmọ́ bí o bá fi ọjọ́ tí wọ́n dá ṣírò, o lè lé iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ ká sẹ́yìn.

Màmá dáhùn ní òru. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún ìyá wọn. Mẹ́fà nínú ogún ló máa lọ sọ́dọ̀ télọ̀, àwọn tó kù á ró tiwọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní aró ìgbàlódé náà dára. Ọ̀rọ̀ Ìbàdàndùn nìkan ni wọ́n dì mú, torí pé ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n.

Ìdáhùn lórí aró yẹn gbà wá. Ká ní ẹlú ni wọ́n takú sí, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí níbẹ̀. Ìkòkò ẹlú máa ń lo bí ọ̀sẹ̀ kan nínú omi eérú kó tó kẹ̀, kò sì sí owó tó lè mú un kẹ̀ ní ọjọ́ méjì. Aró ìgbàlódé tí a fi kọ́sítíìkì àti haidirọ́ọ̀sì pò kì í pẹ́ kó tó ṣe é lò.

Ya ohun tí owó lè mú yá sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò lè mú yá

Mú ìwé, kí o kọ gbogbo ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti orí ríra aṣọ dé orí gbígbé e lọ sí gáréèjì. Bi ara rẹ léèrè níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: bí mo bá kó èèyàn márùn-ún kún èyí, ṣé á yá? Àwọn tó bá máa yá ló ń bí owó ìkánjú. Àwọn tí kò ní yá ló ń bí ọjọ́. Bí o bá ti pín wọn báyìí, àlàyé tí o máa ṣe fún oníbàárà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Níbi àdìrẹ ẹlẹ́kọ, yíya ẹ̀kọ sára aṣọ ló ń yá bí ọwọ́ bá pọ̀. Láfún tí a fi álọ́ọ̀mù sè ni a ń fi ìyẹ́ adìẹ yà. Bí àwòrán bá fẹ̀ tí kò kún jù, aládìrẹ kan lè parí ìró méjì lóòjọ́. Ogún ìró, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá ni fún ẹnì kan. Èèyàn méjì ló ń bá mi ṣe é déédéé, èyí ni ọjọ́ márùn-ún. Bí mo bá háyà mẹ́ta kún wọn, ó di ọjọ́ méjì.

Àmọ́ Ìbàdàndùn kọ́ ni mo ń sọ yìí o. Òpó Màpó àti ṣíbí tó tẹ̀lé ara wọn, pẹ̀lú àwọn igun mẹ́rin-mẹ́rin tí nǹkan kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ọjọ́ púpọ̀ ni ìró kan ṣoṣo ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n yà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ìkánjú ya á. Òpó náà wọ́, ṣíbí dà bí ìgbákọ, oníbàárà sì mọ̀. Ewé ẹ̀gẹ́ ni mo pinnu láti fi rọ́pò rẹ̀, kí n fi òpó Màpó ẹyọ kan sí ìsàlẹ̀ igun kọ̀ọ̀kan kí ọmọ Ìbàdàn lè rí ilé.

Ohun tí ọwọ́ púpọ̀ kò lè mú yá nìwọ̀nyí. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀kọ tó ń gbẹ. Ẹ̀kọ ní láti gbẹ kó le gbáú kó tó kan aró. Bí ó bá ṣì rọ̀ nínú, aró á yọ́ ọ, ìlà àwòrán á fọ́n, ẹ̀kọ tó yọ́ náà á sì ba ìkòkò jẹ́ fún ìró tó kàn. Fi èékánná tẹ ibi tó nípọn jù nínú àwòrán: bí ó bá gba àpá, kò tíì gbẹ. Oòrùn tó dára máa ń tó ọjọ́ kan fún un. Mo ti rí ẹni tó fi fáànù àti áyọ́ọ̀nù ṣe é; ẹ̀kọ náà sán, aró sì gba ojú ibi tó sán wọlé.

Èkejì ni afẹ́fẹ́ láàárín rírì kan sí òmíràn. Tí aṣọ bá kúrò nínú aró, àwọ̀ ewéko tó pọ́n díẹ̀ ló máa ń ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Ẹ̀kọ kì í fẹ́ kí aṣọ pẹ́ nínú ìkòkò, nítorí náà a máa ń rì í fún ìgbà díẹ̀, a ó gbé e kọ́, a ó tún rì í. Lẹ́ẹ̀mẹ́fà ni mo máa ń rì í kó tó dú bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá rì í lẹ́ẹ̀mejì nínú aró tó nípọn, tí kò jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn, á rí àwọ̀ tó dúdú lójú lọ́jọ́ náà, àmọ́ ojú aṣọ lásán ló jókòó sí. Fi aṣọ funfun tó tutù nù ún: bí búlúù bá lẹ̀ mọ́ ọn gan-an, ara ẹni tó wọ̀ ọ́ ló máa kùn láàárín ayẹyẹ. Àwa ará Òṣogbo pàápàá ò gbọdọ̀ gbàgbé pé a kì í fi aró ṣeré. Ìtàn ìlú wa sọ pé igi tí àwọn tó tẹ ìlú dó gé ló wó lu odò, tó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, tí ohùn fi ké láti inú omi pé oṣó igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun.

Ẹ̀kẹta ni oòrùn lẹ́yìn tí a bá ti fọ ẹ̀kọ kúrò. Ìyẹn yé gbogbo èèyàn.

Ka ọjọ́ síwájú, kì í ṣe sẹ́yìn

Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí oníbàárà fẹ́, kí o wá máa fún iṣẹ́ pọ̀ títí yóò fi wọ inú rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ọ̀la. Bí tèmi ṣe lọ nìyí.

Ọjọ́rú: ra aṣọ, fọ sítáàṣì tí ilé iṣẹ́ fi lé e kúrò, sá a, gé e. Ìró kan jẹ́ abala méjì, yáàdì méjì ààbọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́bọ̀: èèyàn márùn-ún ya mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ọjọ́ Ẹtì: wọ́n ya mẹ́wàá kejì, bí ti àkọ́kọ́ ṣe ń gbẹ. Àbámẹ́ta: mẹ́wàá àkọ́kọ́ wọ aró, ti èkejì ń gbẹ. Àìkú: mẹ́wàá kejì wọ aró, nínú ìkòkò tuntun, torí pé ti àná á ti rẹ̀ lẹ́yìn ìró mẹ́wàá. Ọjọ́ Ajé: fọ ẹ̀kọ kúrò lára ti àkọ́kọ́, sá a. Ìṣẹ́gun: rán abala pọ̀, lọ̀ ọ́, ká a, fọ ti èkejì. Ọjọ́rú: rán ti èkejì, lọ̀ ọ́, ká a.

Lórí ìwé, mẹ́wàá àkọ́kọ́ lè kúrò ní alẹ́ Ìṣẹ́gun, mẹ́wàá kejì ní alẹ́ Ọjọ́rú. N kì í fún oníbàárà ní ọjọ́ orí ìwé. Ọkọ̀ àárọ̀ ni mo máa ń fi ẹrù sí, mo sì máa ń yọ ààyè sílẹ̀ fún òjò. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òru kan yẹn tó. Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje, mo máa ń fi odindi ọjọ́ kan kún un. Oṣù kẹjọ ní tirẹ̀, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, àwọn aládìrẹ tí mo lè háyà fúnra wọn ló ń ṣọ̀wọ́n, nítorí náà n kì í dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni kí n tó pè wọ́n.

Ìparí oṣù kẹwàá ni tìyá yìí, òjò ti ń lọ. Mo dúró sórí àárọ̀ Ọjọ́rú fún àkọ́kọ́ àti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ fún èkejì. Ìpín méjì yìí kì í ṣe ọgbọ́n àrékérekè. Mẹ́fà tó ń lọ sọ́dọ̀ télọ̀ ló nílò ọjọ́. Àwọn tó ń ró ìró wọn kò nílò rẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi béèrè.

Kó owó ìkánjú jọ láti ìsàlẹ̀

Iye iṣẹ́ náà láìsí ìkánjú jẹ́ ₦12,000 fún ìró kan, ₦240,000 fún ogún. N kò fọwọ́ kan èyí. Ohun tí ìkánjú fi kún ìnáwó mi nìkan ni mo kọ sí abẹ́ rẹ̀.

Aládìrẹ mẹ́ta tí mo háyà fún ọjọ́ méjì, ₦7,000 lóòjọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦42,000. Aláró méjì tó máa ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú tí a kì í ṣiṣẹ́, ₦5,000 lórí owó wọn: ₦10,000. Ìkòkò kejì, ìyẹn aró, kọ́sítíìkì àti haidirọ́ọ̀sì tí ǹ bá má rà bí mo bá lè dúró sọ ti àkọ́kọ́ jí: ₦14,000. Oníbàárà kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ máa sún síwájú ọjọ́ mẹ́rin, mo sì ní láti gé ₦6,000 fún un kó lè gbà. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦72,000, ₦3,600 lórí ìró kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Iṣẹ́ ẹni kan kò lè yára láìjẹ́ pé ti ẹlòmíràn fà sẹ́yìn. Kọ́kọ́ pe ẹni tó máa fà sẹ́yìn náà, kó gbà, kí o tó dá ọjọ́ fún ẹni tó ń kánjú.

Wàá rí i pé kò sí èrè nínú ₦72,000 náà. Àwọn kan máa ń fi èrè sí i, n kò bá wọn jà. Tèmi ni pé mo fẹ́ lè ka owó náà fún oníbàárà lẹ́yọ lẹ́yọ láì fi ojú pa mọ́.

Ìdáhùn náà gan-an

Ọjọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ, owó á tẹ̀lé e. Bí owó bá ṣáájú, orí owó ni wọ́n á dúró sí, wọn ò ní ka ọjọ́ dáadáa, wọ́n á wá máa rò pé owó náà ni wọ́n fi ra ọjọ́ Ajé. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ Màmá, ẹ sì kú ìmúra ayẹyẹ ìyá wa. Ọjọ́ Ajé kò ní ṣeé ṣe, n kò fẹ́ tàn yín. Ẹ̀kọ gbọ́dọ̀ fi odindi ọjọ́ kan gbẹ kó tó wọ aró, aṣọ sì gbọ́dọ̀ fẹ́ atẹ́gùn láàárín rírì mẹ́fà. Kò sí owó tó lè mú ìyẹn yá. Ohun tí mo lè ṣe tó dájú ni pé ìró mẹ́wàá máa kúrò l'Óṣogbo ní àárọ̀ Ọjọ́rú tó ń bọ̀, kí télọ̀ lè rí ti àwọn mẹ́fà yẹn rán. Mẹ́wàá tó kù máa kúrò ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ tó kúrò lọ́wọ́ wa ni mo ń sọ o. Tí ọkọ̀ bá lọ geere, ọ̀sán ọjọ́ kan náà ló yẹ kó dé Ìbàdàn. Ìbàdàndùn kò lè wọ inú ọjọ́ yìí, ewé ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú òpó Màpó ni mo lè ṣe, àwòrán rẹ̀ ni mo fi ṣọwọ́ yìí.

"Owó aṣọ jẹ́ ₦240,000. Owó ìkánjú jẹ́ ₦72,000: aládìrẹ mẹ́ta tí a máa háyà, iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìkòkò aró kejì, àti iṣẹ́ ẹlòmíràn tí a máa sún. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦312,000, owó ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ₦192,000 ránṣẹ́ kí aago méjìlá ọ̀sán òní tó lù. Tó bá kọjá aago méjìlá, ọjà á ti bọ́ fún wa lónìí, ọjọ́ méjèèjì á sún síwájú ní ọjọ́ kan. Tí ìró kankan bá pẹ́ ju ọjọ́ tí mo dá lọ, màá dá ₦3,600 padà lórí rẹ̀."

₦192,000 náà jẹ́ owó ìkánjú lódindi àti ìdajì owó aṣọ. Mo máa ń gba owó ìkánjú pé pérépéré, torí pé àwọn tí mo háyà kì í dúró de ọjọ́ ayẹyẹ kí wọ́n tó gba owó wọn. Aago méjìlá náà kì í ṣe ìhalẹ̀, ìṣirò ni: tí n kò bá ra aṣọ lọ́sàn-án kí n fọ̀ ọ́, kò ní gbẹ lọ́jọ́ yẹn.

Bí wọ́n bá ná an

Wọ́n á ná an. Màmá pè mí: "Ṣé ẹ ò lè gba ọ̀kẹ́ méjì fún ìkánjú yẹn ni, ọmọ mi?" Ohun tí mo kọ́ ni pé owó ìkánjú kì í dín kù lásán. Bí ó bá dín, nǹkan kan gbọ́dọ̀ kúrò nínú iṣẹ́. Bí o bá gé e láìyọ nǹkan kan, oníbàárà á gbà pé o fi irọ́ ṣírò rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìwọ náà á sì háyà èèyàn kan dípò mẹ́ta, ọjọ́ tí o dá á sì yẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Tí a bá ṣe mẹ́wàá péré ní kíákíá, á máa jẹ́ ọjọ́ kan ni a máa háyà àwọn mẹ́ta yẹn, ₦21,000. A ò ní ṣiṣẹ́ ọjọ́ Àìkú, a ò ní po ìkòkò kejì. ₦6,000 ti oníbàárà kejì nìkan ló kù. Gbogbo rẹ̀ á jẹ́ ₦27,000. Mẹ́wàá tó kù á tẹ̀lé e ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láìsí owó ìkánjú kankan." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ẹ̀gbọ́n ò ní gbà kí ìdajì ẹbí ró àdìrẹ kí ìdajì ró áńkárá. Owó wọlé ní aago mọ́kànlá kọjá.

Ẹ kíyè sí i pé n kò gbé ọjọ́ sí ọjà. Ọjọ́ tí mo dá kò yí padà nínú gbogbo ìfà náà. Tí oníbàárà bá ní kí o kàn gbìyànjú kí ó kúrò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, má ṣe sọ pé "Màá gbìyànjú." Létí ẹni tó ń kánjú, ìlérí ni ọ̀rọ̀ yẹn.

Lẹ́yìn tí owó bá ti wọlé

Mo máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tí ẹ̀kọ bá gbẹ, àti nígbà tí aṣọ bá jáde nínú aró. Ó ń dín ìpè kù.

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án Àbámẹ́ta. A ti rì mẹ́wàá àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, a kó wọn sábẹ́ òrùlé, a kò sì rì wọ́n mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mẹ́wàá kejì tó ń sá tutù létí. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí Màmá ní ìrọ̀lẹ́ kan náà, kì í ṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun: òjò ti mú ìdajì ọjọ́ lọ, ọjọ́ tí mo dá kò tíì yẹ̀, bí ó bá fẹ́ yẹ̀, alẹ́ ọjọ́ Ajé ni màá sọ. Ní Àìkú a rì ti àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì tó kù ní kùtùkùtù, ti èkejì sì wọ aró lọ́sàn-án lẹ́yìn tí oòrùn tún un ṣe; ìmọ́lẹ̀ jẹnẹrétọ̀ la fi parí rẹ̀. Epo jẹnẹrétọ̀ náà, èmi ni mo san án, torí pé n kò kà á sínú owó tí mo sọ fún wọn.

Àárọ̀ Ọjọ́rú, mẹ́wàá àkọ́kọ́ wọ ọkọ̀ Ìbàdàn. Mo kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á sára báàgì, mo ya fọ́tò wébíìlì àti nọ́ńbà ara ọkọ̀, mo fi nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà tẹ̀lé e. Ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi tún wà ní gáréèjì kí aago méje tó lù. Mẹ́sàn-án ló wà nínú báàgì. Ìró kan ti ní àbàwọ́n níbi tí òjò ti kán sí i, mo sì ti dá ₦15,600 padà lórí rẹ̀ ní alẹ́ àná, pẹ̀lú fọ́tò àbàwọ́n náà. Màmá ní kí n fi ìró náà ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn á fi ṣe gèlè fún ọmọdé. Mo sáré padà sílé lọ mú un, dẹ́rẹ́bà dúró de mí.